Ta ló kọ́ ẹ̀rọ yìí bí a ṣe ń kí ọlọ́fọ̀?

Bàbá oníbàárà wa kan tó máa ń polówó ọjà nínú ìwé ìròyìn yìí jáde láyé láìpẹ́. Ẹni ọdún 92 ni bàbá. A ní kí ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ inú ọ́fíìsì kọ lẹ́tà ìbánikẹ́dùn, òun náà sì gbé iṣẹ́ fún ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tó ń kọ̀wé fúnra rẹ̀. Ohun tó gbé wá sórí tábìlì olóòtú rèé: “Mo kẹ́dùn gidigidi fún àdánù rẹ. Jọ̀wọ́ mọ̀ pé o kò dá wà ní àkókò líle yìí.”

Àṣìkọ kankan kò sí níbẹ̀. Àmì ohùn pé pérépéré. Ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n tọ́ nílé kò ní fi “rẹ” àti “o” ránṣẹ́ sí àgbàlagbà tí bàbá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Àgbà tó lo ọdún 92, tó rí ọmọ-ọmọ kó tó lọ, ta ló ń pe ikú irú wọn ní àdánù? Ẹ kú àṣẹ̀yìndè là ń wí. Ẹ kú ìnáwó. Ẹ̀yìn bàbá á dára. “O kò dá wà” yẹn gan-an, Gẹ̀ẹ́sì tó wọ agbádá ni.

A ò bú ọmọ náà. Ohun tí a fẹ́ mọ̀ ni ibi tí ẹ̀rọ ti kọ́ irú ìwà bẹ́ẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ ìlú ti wà ńdìí ẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, Bọ̀sún Tìjání, mínísítà ètò ìbánisọ̀rọ̀, kéde pé ìjọba àpapọ̀ fẹ́ ṣe ẹ̀rọ èdè tiwa, tí yóò gbọ́ èdè ilẹ̀ wa márùn-ún, pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì tí a ń fi ohùn tiwa sọ. Láti ìgbà náà, ohun tí à ń gbọ́ jù lẹ́nu àwọn tọ́rọ̀ kàn ni bí a ó ṣe kó ọ̀rọ̀ jọ: ìwé mélòó, wákàtí ohùn mélòó. Lójú tiwa, ìdajì iṣẹ́ nìyẹn, kì í sì í ṣe ìdajì tó ba lẹ́tà wa jẹ́.

Ìpele méjì ni wọ́n fi ń kọ́ irú ẹ̀rọ yìí. Nínú ìpele kìíní, iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ń ṣe: kó méfò ọ̀rọ̀ tó kàn. Wọn á fi “Bí ọmọdé bá ṣubú, á wo” hàn án, wọn á sì bo ìyókù. Ẹ̀rọ á wá pín 100 láàárín gbogbo ọ̀rọ̀ tó mọ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó lè fún “ilé” ní 9, kó fún “iná” ní 6, kó wá fún “iwájú” ní 2 péré. Wọn á ṣí ìdáhùn: “iwájú” ni. Wọn á wọn bó ṣe jìnnà sí òótọ́ tó, wọn á sì yí àwọn nọ́ńbà inú rẹ̀ díẹ̀, kí “iwájú” lè gba ju 2 lọ bí irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ bá tún dé. Ó parí. Ó kan gbólóhùn mìíràn. Ẹ̀rọ GPT-3, tí ilé iṣẹ́ OpenAI gbé jáde lọ́dún 2020, ní bílíọ̀nù 175 irú àwọn nọ́ńbà bẹ́ẹ̀, ó sì ka nǹkan bíi bílíọ̀nù 300 ègé ọ̀rọ̀ báyìí, ní ìkọ̀ọ̀kan. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n kó jọ fún un, nǹkan bíi 93 nínú 100 ló jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹni tó bá mọ ọ̀rọ̀ tó kàn nínú òwe, ó ti mọ nǹkan kan nípa òwe. Ibẹ̀ ni agbára ìpele kìíní wà, a ò sì fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ̀rọ bá kà nìkan ló lè mọ̀, ìyẹn ló sì ń ṣe Yorùbá níkà. Ẹ wo ọkọ tó fẹ́ ìyàwó, ọkọ́ tí a fi ń roko, ọkọ̀ tí à ń wọ̀, ọ̀kọ̀ tí ọdẹ ń sọ, oko tí à ń dá, òkò tí à ń jù. Bí ẹni tó ń kó ọ̀rọ̀ jọ bá yọ àmì dànù kí iṣẹ́ lè yá, gbogbo wọn di “oko” kan náà. Kí ló máa tẹ̀ lé “oko” báyìí? Ẹ̀rọ á pín 100 rẹ̀ kiri láàárín ìyàwó, èpò, awakọ̀ àti ẹran ìgbẹ́, kò sì ní dájú lórí ọ̀kankan. Bí a bá sì fi àmì sílẹ̀, wàhálà mìíràn dé. Nínú kọ̀ǹpútà, “o” lásán ń gba báìtì 1, “ọ̀” ń gba 5. Bí wọn kò bá ṣètò bí ẹ̀rọ yóò ṣe gé ọ̀rọ̀ sí wẹ́wẹ́ pẹ̀lú Yorùbá lọ́kàn, ọ̀rọ̀ wa á fọ́ yángá, a ó sì máa san owó ègé púpọ̀ lórí gbólóhùn kúkúrú. Síbẹ̀, àwa fara mọ́ wàhálà kejì. Ó ṣeé tún ṣe, àmì tí a ti yọ kò rọrùn láti dá padà.

Ká tiẹ̀ ní ìpele kìíní yọrí dáadáa. Ẹ̀rọ náà kò tíì mọ̀ pé ó yẹ kí òun dáhùn ìbéèrè. Ọ̀rọ̀ tó kàn ló mọ̀. Nínú ìwé ìdánwò JAMB, ohun tó ń tẹ̀ lé ìbéèrè 14 ni ìbéèrè 15, kì í ṣe ìdáhùn. Nígbà tí àwọn olùwádìí OpenAI ní kí GPT-3 ṣàlàyé fún ọmọ ọdún 6 bí ènìyàn ṣe dé orí òṣùpá, kò ṣàlàyé ohunkóhun. Ńṣe ló bẹ̀rẹ̀ sí í to iṣẹ́ mìíràn jọ: ṣàlàyé òòfà ilẹ̀ fún ọmọ ọdún 6, ṣàlàyé èyí, ṣàlàyé tọ̀hún. Ó rò pé ìwé ìbéèrè ni wọ́n ń kọ, ó sì ń bá wọn kọ ọ́ lọ.

Ìpele kejì ló ń wo àrùn yìí sàn, ibẹ̀ sì ni ènìyàn ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Fún InstructGPT, ẹ̀rọ tí wọ́n tún kọ́ láti ara GPT-3, tí wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ lọ́dún 2022, OpenAI gba nǹkan bí ènìyàn 40 síṣẹ́. Wọ́n jókòó, wọ́n ń fi ọwọ́ ara wọn kọ ìdáhùn tó dára sí ohun tí ènìyàn lè bi ẹ̀rọ. Nǹkan bíi 13,000 ìbéèrè ni wọ́n lò ní apá yìí. Ẹ fi ìyẹn wé bílíọ̀nù 300. Iṣẹ́ méfò-ọ̀rọ̀-tó-kàn kan náà ni ẹ̀rọ ṣì ń ṣe, ṣùgbọ́n inú ìdáhùn tí ènìyàn kọ ló ti ń méfò báyìí. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní kí ẹ̀rọ mú ìdáhùn mẹ́rin sí mẹ́sàn-án wá fún ìbéèrè kan, àwọn òṣìṣẹ́ sì tò wọ́n láti orí èyí tó dára jù dé èyí tó burú jù. Wọ́n fi ìtòlẹ́sẹẹsẹ yẹn kọ́ ẹ̀rọ kékeré kan tó ń ṣe adájọ́, ẹ̀rọ ńlá sì ń gbìyànjú títí yóò fi máa tẹ́ adájọ́ lọ́rùn.

Èso rẹ̀ yani lẹ́nu. Èyí tó kéré nínú àwọn InstructGPT, tí nọ́ńbà inú rẹ̀ jẹ́ bílíọ̀nù 1.3 péré, ni àwọn tó ń dán an wò fẹ́ràn ju GPT-3 oníbílíọ̀nù 175 lọ. Ìwọ̀nba ènìyàn tó jókòó kọ ìdáhùn, tí wọ́n sì tò ó, ṣe ohun tí títóbi ẹ̀rọ kò ṣe.

Ṣùgbọ́n ta ni wọ́n? Àwọn olùwádìí náà fúnra wọn kọ ọ́ sílẹ̀: ọ̀pọ̀ jù lọ wọn jẹ́ ẹni tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, tó ń gbé Amẹ́ríkà tàbí gúúsù ìlà oòrùn Éṣíà. Ó lé ní 96 nínú 100 ìbéèrè ibẹ̀ tó jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Kódà láàárín ara wọn, nǹkan bíi ìgbà 73 nínú 100 ni ẹnu wọn ń kò lórí èyí tó dára jù nínú ìdáhùn méjì. Ìyẹn nìkan tó láti fi hàn pé “ìdáhùn tó dára” kì í jábọ́ láti ọ̀run. Ojú ẹni tó tò ó ni ẹ̀rọ fi ń wò ó.

Ẹ padà síbi lẹ́tà wa. A ò mọ inú ẹ̀rọ tí ọmọ náà lò, ṣùgbọ́n oko tí irú àṣìṣe yẹn ti ń hù kò pamọ́. Ọ̀nà tó dínwó jù láti fún Yorùbá ní ìpele kejì ni kí wọ́n mú àwọn ìbéèrè àti ìdáhùn Gẹ̀ẹ́sì, kí wọ́n fi ẹ̀rọ túmọ̀ wọn. Gẹ̀ẹ́sì kò ní “ẹ” àti “o”, ọ̀kan ṣoṣo ló ní. Ẹ̀rọ atúmọ̀ mú “o”. Gẹ̀ẹ́sì ń kí ẹni tí ọmọ rẹ̀ kú àti ẹni tí bàbá rẹ̀ arúgbó kú bákan náà. Ìtumọ̀ gbà á bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ṣe ẹgbẹẹgbẹ̀rún rẹ̀, ẹ̀rọ á gbàgbọ́ pé bí Yorùbá ṣe ń dáhùn nìyẹn. Ká ní arúgbó kan láti Ìṣẹ́yìn tàbí Ọ̀fà jókòó níbi tí wọ́n ti ń tò ó, tó rí “àdánù rẹ” lẹ́gbẹ̀ẹ́ “ẹ kú àṣẹ̀yìndè”, ìṣẹ́jú àáyá kan ló máa fi dá ẹjọ́ yẹn.

Àwọn kan á ní kò sówó, ìtumọ̀ sàn ju kí a máà ní nǹkan kan. A gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìdáhùn ni à ń sọ, kì í ṣe bílíọ̀nù. Iṣẹ́ kan tí wọ́n pè ní Aya, tí ẹ̀ka ìwádìí ilé iṣẹ́ Cohere gbé jáde lọ́dún 2024, kó ju 200,000 ìbéèrè àti ìdáhùn jọ láti ọwọ́ ènìyàn ní èdè 65, Yorùbá sì wà nínú rẹ̀. Àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni ló ṣe é. Orílẹ̀-èdè tó ní fáfitì tí wọ́n ti ń kọ́ Yorùbá, tó ní àwọn òṣìṣẹ́ rédíò tó ti fẹ̀yìn tì, kò lè sọ pé òun ò rí ẹni tí òun máa sanwó fún.

Ewu kan wà tí a kò gbọ́dọ̀ fi pa mọ́. Ìpele kejì ń kọ́ ẹ̀rọ ní ìwà ju ìmọ̀ lọ. Bí a bá kọ ìdáhùn lórí oríkì ìdílé kan tí ẹ̀rọ kò kà rí nínú ìpele kìíní, ó lè gba oríkì yẹn sórí, àmọ́ ó tún lè kọ́ pé bí wọ́n bá béèrè ohun tí òun kò mọ̀, kí òun máa fi ìgboyà sọ̀rọ̀ lọ. Lọ́jọ́ tí ẹnìkan bá béèrè oríkì ìdílé mìíràn, á hun ún láti inú afẹ́fẹ́, ohùn rẹ̀ á sì dùn bí ti akígbe. Nítorí náà, kí “n kò mọ̀ ọ́n” wà lára ìdáhùn tí àwọn òǹkọ̀wé wa yóò máa kọ, kí àwọn tó ń tò ó sì fi í ṣíwájú irọ́ dídùn.

Ohun tí à ń béèrè lọ́wọ́ mínísítà àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ kò pọ̀. Kí wọ́n kéde iye ènìyàn tó ń fi Yorùbá kọ ìdáhùn fún ẹ̀rọ náà, ìlú tí wọ́n ti wá, ọjọ́ orí wọn, àti iye tí wọ́n ń gbà lórí ìdáhùn kan. Kí wọ́n sọ èyí tó jẹ́ ìtumọ̀ nínú àwọn ìdáhùn yẹn àti èyí tí ènìyàn kọ. Kí wọ́n gbé ìwé ìlànà tí wọ́n fún àwọn tó ń tò ó síta, kí a lè rí bóyá ẹnikẹ́ni kọ “ẹ” sí i fún àgbà. Ní ti oníbàárà wa, ìyá tó ń bá wa ṣètò ìnáwó ní ọ́fíìsì ló padà kọ lẹ́tà náà. Ìlà mẹ́ta ni.