Ìwé Tẹ́ Ẹ Fi Ṣègbéyàwó Ló Máa Pín Ilé Yín, Kí Ìjọba Sọ Ọ́ Síta

Ẹbí ọkọ ló lé opó kan jáde nínú ilé tóun àtọkọ ẹ̀ jọ kọ́. Ohun tó ń bí wa nínú ni èsì táwọn òṣìṣẹ́ ìjọba máa ń fọ̀ nígbà gbogbo, pé ọ̀rọ̀ ẹbí ni, kí wọ́n lọ parí ẹ̀ nílé. Rárá o, ọ̀rọ̀ òfin ni, ohun tá a sì ń béèrè lọ́wọ́ ìjọba ni pé kí wọ́n lẹ àlàyé òfin náà mọ́ ògiri rẹ́jístírì.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé ṣé olóògbé kọ wíìlì, ìyẹn ìwé ìhágún? Tó bá kọ ọ́, ohun tó kọ ni wọ́n máa tẹ̀ lé. Àmọ́ ó ní bó ṣe gbọ́dọ̀ rí: kó wà lákọsílẹ̀, kó bu ọwọ́ lù ú lójú ẹlẹ́rìí méjì tí wọ́n jọ wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, káwọn náà sì bu ọwọ́ lù ú. Ibi tọ́pọ̀ èèyàn ti ń kọsẹ̀ ni pé wọ́n á ní kí ọmọ tí wọ́n fún nílé wá ṣe ẹlẹ́rìí. Wíìlì yẹn ò bà jẹ́ o, ṣùgbọ́n ilé yẹn ti bọ́ lọ́wọ́ ọmọ yẹn nìyẹn. Ilé ẹbí ńkọ́? Kò sẹ́ni tó lè kọ ilé ẹbí sínú wíìlì fún ọmọ ẹ̀, torí kì í ṣe tiẹ̀ nìkan.

Tí kò bá kọ wíìlì, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti ń dàrú, torí ọ̀nà méjì ló wà, irú ìgbéyàwó tó ṣe ló sì máa ń sọ èyí tí wọ́n máa gbà. L'Ékòó, ẹni tó ṣègbéyàwó ní rẹ́jístírì, tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì tó láṣẹ láti fúnni níwèé-ẹ̀rí òfin, òfin ìjọba ló máa pín ohun tó jẹ́ tiẹ̀ gan-an, ìyàwó àtàwọn ọmọ ló sì wà níwájú. Kì í ṣe nǹkan tuntun, láti ọdún 1898 ni kóòtù Èkó ti sọ bẹ́ẹ̀ nínú ẹjọ́ Cole àti Cole, nígbà tí arákùnrin olóògbé fẹ́ fi àṣà gba ogún mọ́ ìyàwó àtọmọ lọ́wọ́.

Ẹni tó jẹ́ ìdána nìkan ló ṣe, àṣà ló máa pín tiẹ̀. (Òfin Ìsìláàmù ní ètò tiẹ̀, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ lónìí.) Lójú àṣà Yorùbá, ẹ̀jẹ̀ ni ogún ń tọ̀, àwọn ọmọ ló ń jogún, lọ́kùnrin lóbìnrin, ìyàwó ò sí níbẹ̀, kóòtù sì fọwọ́ sí i lọ́dún 1957 nínú ẹjọ́ Suberu àti Sunmonu.

Báwọn ọmọ ṣe ń pín in náà tún ní wàhálà tiẹ̀. Ẹ wo ẹjọ́ Dawodu àti Danmole, tó dé Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, kóòtù tó ga jù fún Nàìjíríà nígbà yẹn: bàbá kan kú, ó fìyàwó mẹ́rin àtọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀. Ìdí-igi ni kóòtù ní ó jẹ́ àṣà wa gan-an, ìyẹn ni pé ìyàwó kọ̀ọ̀kan tó bímọ jẹ́ ìdí kan, ọ̀nà mẹ́rin ni wọ́n máa pín in sí. Ká ní rẹ́ǹtì irú ilé bẹ́ẹ̀ jẹ́ 3,600,000 náírà lọ́dún, 900,000 ló kan ìdí kọ̀ọ̀kan. Ọmọ kan ṣoṣo tí ìyá ẹ̀ bí á kó 900,000, àwọn mẹ́rin tí wọ́n jẹ́ ọmọ ìyá kan náà á gba 225,000 lẹ́nìkọ̀ọ̀kan. Tó bá jẹ́ orí-ò-jorí ni, ìyẹn ni pé wọ́n pín in dọ́gba fún gbogbo ọmọ, 400,000 ni kálukú. Olórí ẹbí lè yan orí-ò-jorí tí ìjà bá ti fẹ́ bẹ́ sílẹ̀, àmọ́ tí kò bá yàn án, ìdí-igi náà ni.

Ewo ni tìjọba nínú ẹ̀? Tiwọn ni pé lójoojúmọ́ ni wọ́n ń so tọkọtìyàwó pọ̀, wọ́n á gba owó, wọ́n á ya fọ́tò, kò sì sẹ́nì kankan tó máa sọ fún wọn pé ìwé yìí ló máa pín ilé yín tẹ́ ò bá kọ wíìlì. Opó náà á wá dé ibi tí wọ́n ti ń gba ìwé àṣẹ láti bójú tó ogún, wọ́n á ní arákùnrin ọkọ ẹ̀ ti gbà á lọ. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ó lè kọ ìwé ìdádúró síbẹ̀ ṣáájú, táwọn yẹn ò fi ní lè fún ẹnikẹ́ni láìgbọ́ tẹnu ẹ̀. Ẹ̀yin ìjọba, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ ń dúró dè gan-an?

Bébà kan ṣoṣo la fẹ́ kẹ́ ẹ tẹ̀, lédè Yorùbá, kó sọ ohun tó wà lókè yìí, kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri gbogbo rẹ́jístírì níbi tí wọ́n ti ń bu ọwọ́ lùwé, kẹ́ ẹ sì lẹ òmíràn mọ́ ojú fèrèsé níbi tí opó ti máa ń tò láti gba ìwé àṣẹ ogún.