Etí Ṣebótimọ

(Ìsọ̀ Kọ́lá ayàwòrán ní Mókọlá, n'Íbàdàn. Ìyá Wàsíù ẹlẹ́wà wọlé, ó gbé fóònù dání bí ẹni gbé ẹyin. Wàsíù, ọmọ ọdún 8, ń wọ́ tẹ̀lé e, ó fajú ro bí ẹni tí wọ́n jẹ lówó.)

ÌYÁ WÀSÍÙ: Kọ́lá, ya ajá fún mi.

KỌ́LÁ: Ẹ káàárọ̀ o, mà.

ÌYÁ WÀSÍÙ: Àárọ̀ wo? Ṣebótimọ ajá wa ni a gbé lọ fún màmá mi n'Íṣẹ́yìn, kó lè máa bá wọn lé ọ̀bọ lóko. Láti ìgbà náà ni ọmọ yìí ti kọ oúnjẹ. Ó kọ ẹ̀wà! Ẹ̀wà mi tí gbogbo àdúgbò ń tò sí! Bá mi ya ajá náà bíi ti káátúùnù, ká gbé e kọ́ sára ògiri fún un.

KỌ́LÁ: Fọ́tò rẹ̀ dà?

ÌYÁ WÀSÍÙ: Mẹ́fà rèé. Mú èyí tó bá wù ọ́ níbẹ̀.

KỌ́LÁ: Gbogbo rẹ̀ ni n ó lò, mà. Kò sí fọ́tò tí kì í parọ́. Tó bá jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo lẹ gbé wá, n kò ní mọ ibi tó ti ń parọ́. Ẹ wo àkọ́kọ́ yìí. Ta ló yà á?

ÌYÁ WÀSÍÙ: Èmi ni! Ó dáa, àbí?

KỌ́LÁ: Orí ìdúró lẹ wà, ẹ wá na fóònù sí i nímú. Imú tó sún mọ́ fóònù ti wú bí iṣu, ẹsẹ̀ tó jìnnà sí i rí tín-ín-rín bí igi ìṣáná.

ÌYÁ WÀSÍÙ: Ṣebí káátúùnù ni? Orí ńlá náà kọ́ ni wọ́n máa ń yà fún wọn?

KỌ́LÁ: Orí ńlá tí èmi fúnra mi bá wọ̀n ni, mà, kì í ṣe èyí tí fóònù bá mi wú. Wàsíù, èyí tó fẹ̀gbẹ́ hàn yìí ńkọ́?

WÀSÍÙ: Èmi ni mo yà á. Mo lóṣòó sí òdì kejì títì.

KỌ́LÁ: Ayàwòrán gidi! Ó jìnnà díẹ̀, ó sì sọ fóònù sílẹ̀ dé ibi tí ajá ga dé. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. (Ó fi pẹ́ńsù wọn orí ajá láti imú dé ìpàkọ́, ó wá ń fi ìwọ̀n náà gun òkè láti ilẹ̀.) Orí kan. Méjì. Mẹ́ta, a ti dé àtàrí. Orí 3 ni gíga rẹ̀. Èmi á sọ ọ́ di 2: orí gba ìdajì, ara àti ẹsẹ̀ pín ìdajì kejì. Àmọ́ n kò ní gé ẹnu rẹ̀ kúrú. Ẹnu kúrú, ojú ńlá, ọmọ ajá nìyẹn.

ÌYÁ WÀSÍÙ: Ẹnu kúrú náà rèé nínú ẹ̀kẹta. Ọmọ oṣù méjì ni nígbà yẹn. Wo ojú rẹ̀, ó wuni. Mú ojú yìí, kó o fi sórí ti ìsinsìnyí.

KỌ́LÁ: Mà, tí mo bá mú ẹ̀rẹ̀kẹ́ Wàsíù nígbà tó wà lẹ́yìn yín, tí mo fi sójú bàbá rẹ̀...

ÌYÁ WÀSÍÙ: (ó ronú sí i) Pa á tì.

KỌ́LÁ: Ẹ̀kẹrin. Háà! Ṣé epo pupa lẹ fi pa á lára ni?

ÌYÁ WÀSÍÙ: Alẹ́ ni a yà á, nídìí gílóòbù.

KỌ́LÁ: Ẹ wo àyà rẹ̀. Àyà funfun ló ní, àbí? Níbí ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí kọ́sítáàdì. Ohun tó yẹ kó funfun ni mo máa ń kọ́kọ́ wá. Tó bá ti pọ́n báyẹn, a jẹ́ pé gbogbo àwọ̀ tó kù nínú fọ́tò náà ti mu iná gílóòbù yó. Inú èyí tẹ́ ẹ yà lọ́sàn-án lábẹ́ àtíbàbà ni n ó ti mú àwọ̀: àyà funfun, ara bí èèpo ẹ̀pà sísun.

ÌYÁ WÀSÍÙ: Ojú rẹ̀ tó ń tàn bí iná àwọ̀ ewé yẹn ńkọ́? Màmá mi ní àǹjọ̀nú ni.

KỌ́LÁ: Fíláàṣì ni. Ohun kan wà lẹ́yìn ẹyinjú ajá tó máa ń ta ìmọ́lẹ̀ padà, òun náà ló ń jẹ́ kó ríran lóru. Tí mo bá fi àwọ̀ ewé kun ojú rẹ̀, Wàsíù ò ní sùn nínú yàrá yẹn mọ́. (Ó tún wo fọ́tò náà.) Etí rẹ̀ kan wó. Èwo ni?

ÌYÁ WÀSÍÙ: Ọ̀tún.

KỌ́LÁ: Ọ̀tún tiyín ni àbí ọ̀tún tirẹ̀?

ÌYÁ WÀSÍÙ: Ọ̀tún mélòó ló wà láyé?

KỌ́LÁ: Ẹ̀yin méjèèjì kọjú síra yín, mà. Ọ̀tún yín, òsì tirẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n nínú ẹ̀karùn-ún yìí, tí Wàsíù dì mọ́ ọn, apá òsì wa ni etí tó wó wà.

ÌYÁ WÀSÍÙ: Yéè! Wọ́n ti pààrọ̀ ajá mi!

KỌ́LÁ: Ẹ fara balẹ̀. Ẹ wo pátákó ìsọ̀ yín lẹ́yìn wọn. Ẹ kà á.

ÌYÁ WÀSÍÙ: Ẹ̀... À... Kí ló kọjú ẹ̀wà mi sẹ́yìn?

WÀSÍÙ: Kámẹ́rà iwájú ni mo fi yà á.

KỌ́LÁ: Ó parí. Fóònù mìíràn wà, tẹ́ ẹ bá fi kámẹ́rà iwájú rẹ̀ ya fọ́tò, bíi ti inú dígí ló ń tọ́jú rẹ̀, ọ̀tún á di òsì. Ìwé ara pátákó ló tú u fó. (Ó yí fọ́tò náà padà. Pátákó ṣeé kà: Ẹ̀WÀ TI JINÁ. Etí tó wó bọ́ sí ọ̀tún wọn.) Etí òsì ajá ni.

WÀSÍÙ: Mo mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni mo máa ń sọ àṣírí sí, torí ó ní ìdérí.

ÌYÁ WÀSÍÙ: O mọ̀, o wá ń wò wá? Kọ́lá, gbé etí náà dìde jàre. N ò fẹ́ kí àlejò wọlé kí wọ́n ní ajá mi ń ṣàìsàn.

(Kọ́lá kò bá a jà. Ó ya ajá kan tí etí rẹ̀ méjèèjì dúró ṣánṣán, ìrù rẹ̀ na gbọọrọ, ó sì fi dúdú kùn ún látòkè délẹ̀, kò ku ojú, kò ku ẹnu. Ó gbé e fún Wàsíù.)

KỌ́LÁ: Ta rèé?

WÀSÍÙ: Ewúrẹ́.

ÌYÁ WÀSÍÙ: Ebi ló ń dà á láàmú!

(Kọ́lá ya òmíràn. Etí òsì wó bò ojú díẹ̀, ó wó ju bó ṣe wó nínú fọ́tò lọ. Ìrù ká sókè bí òṣùká aláàárù. Ó tún fi dúdú kùn ún.)

WÀSÍÙ: Ṣebótimọ! Màámi, Ṣebótimọ ni! (Ó fò sókè. Ó dákẹ́ díẹ̀.) Ẹ̀wà kù nílé?

KỌ́LÁ: Mà, ajá ò tíì lójú o.

ÌYÁ WÀSÍÙ: (ó ń nu ojú tirẹ̀ pẹ̀lú etí ìró) Mo rí i. Parí rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èló ni?

KỌ́LÁ: ₦8,000, mà.

ÌYÁ WÀSÍÙ: ₦8,000? Etí kan àbọ̀ lo yà, owó etí méjì lo fẹ́ gbà!