Àtúnṣe: ètò ìgbérin ọlọ́dún kan

Ọ̀rọ̀ kan tí ẹ ti rí sọ pé: "Ẹni tó ń fi kílò kún irin díẹ̀díẹ̀ ń fàkókò ṣòfò. Lójoojúmọ́ ni kó máa yí ìwọ̀n padà!"

Ẹ̀yin agbérin Àbújá, kò rí bẹ́ẹ̀. Tí àpapọ̀ iṣẹ́ bá dọ́gba, ìyàtọ̀ àárín ọ̀nà méjèèjì kéré.

Ẹ wo ẹni tó lè fi 100 kílò léjìká lóṣòó, kó sì dìde lẹ́ẹ̀kan. Ó lè ṣe 70 kílò lẹ́ẹ̀mẹ́jọ ní Mọ́ńdè, 80 lẹ́ẹ̀márùn-ún ní Wẹ́sídeè, 85 lẹ́ẹ̀mẹ́ta ní Fúráìdè. Tàbí kó lo oṣù kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, tẹ̀léra. Láàárín oṣù mẹ́ta, iṣẹ́ kan náà ni. Ètò búlọ́ọ̀kù, tó ń kó iṣẹ́ púpọ̀ ṣíwájú ìwọ̀n wúwo, bá ẹni tó ní ọjọ́ ìdíje mu.

Ẹ kọ ìwọ̀n àti iye ìgbà sílẹ̀, kí ẹ dán ara yín wò ní ọ̀sẹ̀ 12. Tí kò bá lọ sókè, ẹ yí ètò padà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí ránṣẹ́ síbi tí ẹ ti rí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ yẹn.