Nọ́ńbà márùn-ún péré ni Màmá béèrè

Ẹnìkan tún gbé àwòrán dáṣíbọ́ọ̀dù tó ṣe fún ọ̀gá rẹ̀ síta láàárọ̀ yìí, ìyẹn ojú kan tí ọ̀gá ti ń wo àwọn nọ́ńbà iṣẹ́ rẹ̀, àwọn èèyàn sì ń kan sáárá sí i. Mo ka àwòrán ìṣirò mọ́kànlá lójú kan ṣoṣo, òmíràn rí roboto bí àkàrà tí wọ́n gé sí wẹ́wẹ́, àwọ̀ wọn sì pọ̀ bí aṣọ àwọn regbéregbé lọ́jọ́ Ojúde Ọba. Mo mọ̀ pé wọ́n á ní owú ló ń jẹ mí. Èmi náà ti ṣe irú rẹ̀ rí, ìdí nìyẹn tí ara fi ń ta mí.

Alákòóso oko adìẹ kan lọ́nà Ìlíṣàn ló pè mí, Màmá ni gbogbo wa sì ń pè wọ́n. Adìẹ tó ń yé níbẹ̀ tó 4,000. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, nọ́ńbà márùn-ún ni mo fẹ́ máa rí láràárọ̀ kí n tó wẹ̀: ẹyin tí a kó, adìẹ tó kú, oúnjẹ adìẹ tó kù, owó tó wà ní báńkì, àti gbèsè tí àwọn oníbàárà jẹ wá.” Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, mo sì lọ ṣe mẹ́rìnlá, nítorí mo rò pé márùn-ún kò ní jọ iṣẹ́ tí èèyàn ń gbowó lé lórí. Nígbà tí mo padà dé oko lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, mo bá bébà kékeré kan lábẹ́ fóònù wọn, níbi tí ọmọkùnrin tó ń ṣe àkọsílẹ̀ ti ń bá wọn kọ nọ́ńbà márùn-ún náà sílẹ̀ lójoojúmọ́. Ojú tì mí.

Mo tún un ṣe. Ojú fóònù kan ni gbogbo rẹ̀ gbà, wọn kò ní láti fọwọ́ fà á sókè. Adìẹ tó kú ni mo fi ṣáájú, nítorí òun ni kò ṣeé fi di ọ̀sán. Mo kọ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan gàdàgbà, mo sì fi iye tó máa ń jẹ́ láàárín ọjọ́ méje sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní lẹ́tà kékeré. Èyí tó bá yàtọ̀ sí bó ṣe máa ń rí nìkan ló ń pọ́n. Ní ti oúnjẹ, mo yí àpò padà sí ọjọ́: bí adìẹ kan bá ń jẹ nǹkan bí gíráàmù 115 lójúmọ́, 4,000 yóò jẹ kílò 460, ìyẹn àpò oníkílò 25 tó lé díẹ̀ ní 18. Bí àpò 55 bá wà nílẹ̀, kò ní pé ọjọ́ mẹ́ta. Ẹni tó ń lọ oúnjẹ fún wọn sì máa ń lo ọjọ́ méjì kó tó gbé e dé, nítorí náà “55” kò sọ nǹkan kan fún Màmá, ṣùgbọ́n “ọjọ́ 3” mú wọn gbé fóònù.

Mo rò pé mo ti parí iṣẹ́, àfi lọ́jọ́ tí adìẹ tó kú jẹ́ 0. Màmá dúpẹ́, wọ́n sì wọkọ̀ lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde. Kí wọ́n tó dé, ìpè ti wọlé: páìpù omi ti dí láti òru, adìẹ 19 ti kú nínú ilé kẹta. Ọmọkùnrin tó ń ṣe àkọsílẹ̀ kò parọ́. Òkú adìẹ ló ń kó, kò ráyè kọ ohunkóhun sílẹ̀. Nínú Excel, bí ẹ bá tọ́ka sí àpótí tó ṣófo, 0 ló máa gbé jáde fún yín. Nínú ìlà méjì tó tẹ̀ lé e yìí, Ojumo ni ojú ewé àkọsílẹ̀, C2 sì ni àpótí adìẹ tó kú; ìlà àkọ́kọ́ ni bí mo ṣe kọ ọ́ tẹ́lẹ̀, ìkejì ni bí mo ṣe tún un kọ:

```
=Ojumo!C2
=IF(Ojumo!C2="","Kò tíì wọlé",Ojumo!C2)
```

Mo sì fi aago tí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan. Láti ìgbà náà, “Kò tíì wọlé” ń pọ́n bíi pé òkú adìẹ pọ̀ ni, nítorí ọjọ́ tí wàhálà bá wà lóko gan-an ni ọwọ́ kì í dilẹ̀ láti kọ nǹkan.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Màmá béèrè fún nọ́ńbà kẹfà, ìyẹn ẹyin tó fọ́. Mo ní rárá, mo tilẹ̀ fi ọ̀rọ̀ tiwọn fúnra wọn dá wọn lóhùn pé márùn-ún ni a jọ sọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọn kò jà. Lọ́jọ́ Sátidé, mo rí ọmọkùnrin yẹn tó gbé abọ́ ńlá méjì tó kún fún ẹyin fífọ́ gba ẹ̀yìn ilé kẹta kọjá, mi ò sì tíì mọ ohun tí mo máa sọ fún Màmá.