GmbH kì í ṣe Ltd ní èdè Jámánì

Wọ́n tún ti ń sọ ọ́ o: “Lẹ́tà yòówù kó wà lẹ́yìn orúkọ ilé-iṣẹ́ Jámánì, Ltd náà ni.” Ọ̀rọ̀ yìí sú ni gan-an. Wọ́n ní gbogbo wọn kúkú ń dáàbò bo onílé-iṣẹ́ lọ́wọ́ gbèsè. Ṣé ìyẹn ló máa sọ fún ọ ibi tí owó rẹ ti máa jáde bí ọjà kò bá dé?

GmbH, ìyẹn ilé-iṣẹ́ Jámánì tí gbèsè rẹ̀ kì í dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ni ín, gbọ́dọ̀ ní owó ìdásílẹ̀ tí kò dín ní 25,000 yúrò, ó kéré tán 12,500 sì gbọ́dọ̀ wọlé kí wọ́n tó forúkọ sílẹ̀. Ltd ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò ní irú òfin bẹ́ẹ̀, pọ́n-ùn kan tó. UG, irú GmbH kékeré kan tí Jámánì gbé kalẹ̀ ní 2008, lè fi yúrò kan péré bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí òfin fi ní kí wọ́n kọ haftungsbeschränkt, ìyẹn “gbèsè rẹ̀ ní ààlà”, tẹ̀lé e láìgé e kúrú, kí oníbàárà lè la ojú rẹ̀.

Èyí tó ń dójú rú jù ni orúkọ tó bá parí sí UG (haftungsbeschränkt) & Co. KG. Ẹ̀yìn ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. KG ni ilé-iṣẹ́ náà gan-an, òwò àjọṣe ni. Ó di dandan kí ẹnì kan wà nínú rẹ̀ tí gbèsè lè lé dé ìdí gbogbo ohun tó ní. Àwọn yòókù kò ju iye tí wọ́n kọ sílẹ̀ lọ. Níbí, “ẹnì kan” yẹn ni UG, tí owó ìdásílẹ̀ rẹ̀ lè má pé ọgọ́rùn-ún yúrò.

Bí a ṣe ń wò ó rèé. Lórí ìkànnì wọn, ẹ ṣí ojú-ewé Impressum, níbi tí wọ́n ti sọ ẹni tó ni ìkànnì náà, kí ẹ mú orúkọ ilé-ẹjọ́ (Amtsgericht) tó forúkọ wọn sílẹ̀ àti nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ wọn. HRA ló máa ń ṣáájú nọ́ńbà KG, HRB ni ti GmbH àti UG. Nọ́ńbà nìkan kò tó, torí ilé-ẹjọ́ méjì lè ní nọ́ńbà kan náà. Ẹ fi méjèèjì wá a lórí handelsregister.de, ìkànnì ìforúkọsílẹ̀ ilé-iṣẹ́ Jámánì, tó ti di ọ̀fẹ́ láti oṣù kẹjọ 2022, kí ẹ tẹ AD, ìyẹn àkọsílẹ̀ tó wà lọ́wọ́lọ́wọ́. Nínú ìwé KG, ẹ wá Persönlich haftender Gesellschafter, ìyẹn ẹni tí gbèsè lè lé dé ìdí gbogbo ohun tó ní: orúkọ UG yẹn wà níbẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà HRB tirẹ̀. Ẹ wá òun náà, kí ẹ wo Stammkapital, ìyẹn owó ìdásílẹ̀ rẹ̀. Ibẹ̀ lẹ ti máa rí iye gidi.

Òótọ́ ni pé ìwé yìí kò sọ iye tó wà ní báńkì wọn lónìí. Ṣùgbọ́n ó ń sọ àwọn Geschäftsführer, ìyẹn àwọn tó lè fọwọ́ sí ìwé. Bí ẹni tó fọwọ́ sí àdéhùn yín kò bá sí níbẹ̀, ẹ béèrè ìwé àṣẹ rẹ̀ kí ẹ tó sanwó.