Ọ̀gá télọ̀ tó ń fi gígé aṣọ pamọ́ ló ń lé ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ lọ

Ẹ̀yin ọ̀gá aránṣọ, èrò ọkàn mi rèé. Ọ̀pọ̀ wa gbà pé bí ọmọ iṣẹ́ bá tètè mọ aṣọ gé, kíá ni yóò lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sí òdìkejì títì. Ìyẹn ló fi ń lo ọdún méjì lórí ilẹ̀ gbígbá, aṣọ lílọ̀ àti bọ́tìnnì rírán, tí ọ̀gá ń kẹ̀yìn sí i bó bá fẹ́ gé aṣọ. Ọmọ náà á ṣì kọ́ gígé o, àmọ́ ní ìkọ̀kọ̀ ni, lórí aṣọ àwọn ará àdúgbò rẹ̀. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ẹ̀yìn ọ̀gá ti ń bẹ̀rẹ̀.

Láti oṣù kẹrin tó ti bẹ̀rẹ̀ ìkọ́ṣẹ́, ẹ jẹ́ kó máa gé síkẹ́ẹ̀tì lórí ìwé ìròyìn àtijọ́. Ká ní ìbàdí oníbàárà jẹ́ ínṣì 40. Ẹ pín in sí mẹ́rin, ó di 10. Ọmọ á gé 10 gẹ́lẹ́, ibẹ̀ ló ti ṣìṣe. Etí aṣọ mẹ́rin ló wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Bí rírán bá mú ààbọ̀ ínṣì nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ínṣì 2 ti lọ, síkẹ́ẹ̀tì di 38, kò ní gba ìbàdí kọjá. Bó bá gé 11, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 44. Rírán mú 2, ó ku 42, oníbàárà á lè jókòó dáadáa. Ẹ má sọ ìdáhùn fún un. Ẹ ní kó lẹ ìwé náà pọ̀, kó fi téèpù wọ̀n ọ́n yípo, ojú rẹ̀ á rí ínṣì méjì tó sọnù. Bó bá gé márùn-ún tẹ̀léra láìṣìṣe, ẹ fún un ní àlòkù àǹkárá.

Tó bá ti ń rán aṣọ oníbàárà, owó ló kù. Ká ní ₦8,000 lẹ gbà lórí aṣọ kan: bó bá rán an nìkan, ẹ fún un ní ₦1,000, bó bá gé e tó sì rán an, ₦2,000. Aṣọ tó padà wá nítorí àṣìṣe rẹ̀, òun ni yóò tún un ṣe láìgba owó mìíràn. Ẹ fún un ní ìdajì owó náà lọ́wọ́, kí ẹ fi ìdajì tó kù pamọ́ fún un títí ọjọ́ fríìdọ̀mù, kó lè fi ra máṣìnnì. Kí ìwé tí ẹ ń kọ ọ́ sí jẹ́ méjì, ọ̀kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ọjọ́ tí ọ̀gá bá yá nínú owó yẹn láìsọ fún un, ọmọ ti lọ lọ́kàn nìyẹn, bó tilẹ̀ ṣì ń wá sí ṣọ́ọ̀bù.

Ẹ kọ gbogbo èyí sínú àdéhùn tí òbí rẹ̀ máa fọwọ́ sí: ọdún mẹ́ta ìkọ́ṣẹ́, àti ọdún kan tí yóò fi máa ṣiṣẹ́ gbowó lọ́dọ̀ yín lẹ́yìn fríìdọ̀mù. Ní ti oníbàárà, kí wọ́n má baà tẹ̀lé ọmọ náà lọ, ọ̀gá fúnra rẹ̀ ni kó máa wọn ara wọn, kó máa kọ ìwọ̀n sínú ìwé ṣọ́ọ̀bù, kó sì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá wọ aṣọ náà wò.