Ẹni karùn-ún ló ń da ìṣirò rú

Èrò ọkàn mi rèé o, ẹni tó bá fẹ́ bá mi jiyàn, àyè wà. Iye tí a máa ń sọ pé ó kan orí kọ̀ọ̀kan nínú ìrìnàjò bàálù ìdílé, ó ń tàn wá jẹ. Tẹ́lẹ̀, tí èmi àti ìyàwó mi bá fẹ́ kó àwọn ọmọ méjèèjì rìnrìn àjò, a ó wo owó tíkẹ́ẹ̀tì kan, a ó sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin, a ó fi díẹ̀ lé e nítorí ibi tí a ó sùn, ó parí. Ìgbà tí ìyá mi ní òun náà á bá wa lọ ni ojú mi tó là.

Tíkẹ́ẹ̀tì nìkan ni wọ́n ń tà lórí-lórí. Tó bá kan ẹrù, báàgì ni wọ́n ń kà, àlọ lọ́tọ̀, àbọ̀ lọ́tọ̀. Tó bá kan takisí, ọkọ̀ ni wọ́n ń kà. Tó bá wá di òtẹ́ẹ̀lì, yàrá ni wọ́n ń kà, pẹ̀lú iye òru tí ẹ bá sùn níbẹ̀. Kò sí bí orí ṣe lè jẹ́ òṣùwọ̀n kan ṣoṣo fún gbogbo ìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀hún. Kó lè bá owó ilẹ̀ yòówù mu, mo fi tíkẹ́ẹ̀tì àlọ-àtàbọ̀ ẹnì kan ṣe 100, mo wá ń fi gbogbo nǹkan tó kù wé e. Àwa mẹ́rin, tíkẹ́ẹ̀tì jẹ́ 400, torí pé àwọn ọmọ wa ti lé ní ọdún méjì, ilé iṣẹ́ tí a wọ ọkọ̀ wọn kì í sì í dín owó kù fún ọmọdé tó bá ti ní ìjókòó tirẹ̀. Báàgì méjì, 12 ní àlọ àti 12 ní àbọ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 48. Takisí láti ilé dé pápákọ̀ òfurufú àti láti ibẹ̀ dé òtẹ́ẹ̀lì, pẹ̀lú ti àbọ̀, 50. Yàrá kan fún òru márùn-ún, 30 lóru kan, 150. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 648. Tí a bá pín in sí mẹ́rin, 162 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Mo wá sọ fún ìyàwó mi pé tí màmá bá kún un, ká kàn fi 162 lé e. Ó wò mí, ó ní, "Inú bọ́ọ̀tù takisí ni màmá máa jókòó sí?"

Ibẹ̀ ni nǹkan ti yí padà. Takisí kékeré, èrò mẹ́rin péré ló ń gbé. Àwa márùn-ún nílò ọkọ̀ ńlá, 50 di 80. Òtẹ́ẹ̀lì ní èèyàn mẹ́rin ni yàrá náà gbà, àfi ká gba èkejì: 150 di 300. Báàgì kan sí i, 24. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni tíkẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀. Nígbà tí mo wá ìjókòó márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà, 115 ni wọ́n pe ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo wá ìjókòó mẹ́rin, 100 ni.

Ohun tó ń fa èyí nìyí. Inú ọkọ̀ kan náà, àwọn ìjókòó tó jọra pátápátá lè wà ní owó mélòó kan, iye kan níbi tó kéré jù, iye kan níbi tó wọ́n díẹ̀. Tí mẹ́rin péré bá ṣẹ́kù níbi tó kéré, tí ẹ wá béèrè márùn-ún papọ̀, ọ̀pọ̀ ètò ìtajà tíkẹ́ẹ̀tì kì í pín yín. Ibi tó lè gba gbogbo yín ni yóò kó yín lọ, gbogbo yín á sì san owó ibẹ̀. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ wá ẹyọ kan, kí ẹ wá méjì, mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí. Ibi tí owó bá ti fò sókè, ibẹ̀ ni ti ọ̀wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.

Pẹ̀lú gbogbo èyí, owó wa di 1027. Ìyẹn ni pé wíwá màmá fi 379 kún un, kì í ṣe 162.

A jókòó, a tún un tò. A ra tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́rin ní 100, a ra ẹyọ kan lọ́tọ̀ ní 115. Èyí ní ewu tirẹ̀ o: tí wọ́n bá sún ọkọ̀ síwájú tàbí tí wọ́n fagi lé e, ojú àlejò méjì tí kò mọ ara wọn ni wọ́n fi ń wo ìwé méjì. Torí náà ni a ṣe fi tíkẹ́ẹ̀tì àdáwà yẹn sí orúkọ mi, tí màmá sì wà lórí ìwé kan náà pẹ̀lú ìyàwó mi àti àwọn ọmọ. A pe ilé iṣẹ́ náà pé kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìdílé kan ni wá. Dípò yàrá méjì, a gba ilé oníyàrá méjì ní 42 lóru, 210 lápapọ̀. A ò sì ra àyè fún báàgì kẹta. Ó já sí 853. Owó tí màmá fi kún un wálẹ̀ láti 379 sí 205.

Ọ̀rọ̀ báàgì yẹn fẹ́ dójú tì wá ṣá. Kílò 23 ni wọ́n gbà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Orí òṣùwọ̀n, ọ̀kan jẹ́ 26, èkejì jẹ́ 19. Mo ní ṣebí 45 ni méjèèjì, kò tó 46. Ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ ní báàgì ni àwọn ń wọ̀n, àwọn kì í ro ó pọ̀. Bí mo ṣe kúnlẹ̀ nìyẹn, mo tú báàgì sílẹ̀ níwájú gbogbo èrò, mo ń kó bàtà màmá láti inú ọ̀kan sí èkejì. Láti ìgbà náà, òṣùwọ̀n kékeré tí wọ́n ń fi gbé báàgì kọ́ kì í kúrò nílé wa.

Wọ́n tún fi ọkọ̀ kan lọ̀ wá tó ń balẹ̀ ní aago kan òru. Ó fi 5 dín lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, 25 lápapọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀sán ni ọ̀pọ̀ ibi ìsùn ń gba àlejò wọlé. Tí ẹ bá dé ní aago kan òru, òru tó ti bẹ̀rẹ̀ kí ẹ tó dé ni ẹ máa san. A ò bá fi 42 ra 25. A fi í sílẹ̀.

Ní báyìí, àbúrò mi ọkùnrin ní òun fẹ́ bá wa lọ nígbà mìíràn, ẹ̀rù sì ń bà á láti béèrè. Mo ti ṣírò tirẹ̀. Ọkọ̀ ńlá yẹn gba èèyàn mẹ́fà, ilé oníyàrá méjì náà gbà á. Tíkẹ́ẹ̀tì 115 àti báàgì 24 ni tirẹ̀, 139 péré, owó tirẹ̀ ló sì máa kéré jù lọ nínú gbogbo wa. Mo ní kó máa palẹ̀ mọ́.